Kéèsì sítọ́dì ọmọ kan tí kíkà ń dà láàmú: ẹ bá mi dá sí i

Àdùkẹ́_Tíṣà

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi gbogbo. Mò ń ṣe kọ́ọ̀sì ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ tó nílò àmójútó pàtàkì, ọdún kẹta mi rèé, wọ́n ní ká kọ kéèsì sítọ́dì ọmọ kan ṣoṣo tí ìwé kíkà ń dà láàmú, ojú ìwé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo ti rí ọmọ. Ọmọkùnrin ni, ọmọ ọdún mẹ́wàá, ó wà ní pírámárì fọ́ọ̀ nílé ìwé kan ní ìgboro Ọ̀yọ́. Ọmọ yẹn já fáfá o, tó bá ń sọ̀rọ̀ ẹ máa gbádùn ẹ̀, ó máa ń jókòó ti ìyá ẹ̀ ní ìsọ̀ ata á sì máa bá a ṣẹ́ ṣéńjì fún àwọn kọ́sítọ́mà láìṣì í. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú ẹ̀, ara ẹ̀ á kàn rọ wọ̀ọ̀.

Mo ti kọ bí wọ́n ṣe bí i, ilé tí wọ́n ń gbé, iṣẹ́ bàbá, iṣẹ́ ìyá, ipò tó wà láàárín àwọn ọmọ ìyá ẹ̀. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó jọ dísílẹ́síà, ìṣòro ìwé kíkà tó ń ti inú ọpọlọ wá, torí ó máa ń kọ b bíi d. Súpáfáísọ̀ dá a padà, nǹkan kan ṣoṣo ló kọ sórí ẹ̀: "Níbo ni ọmọ yìí ti ń kàwé nínú gbogbo èyí?" Ẹ jọ̀ọ́ kí ni kí n wá ṣe, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Bọ́dá_Kọ́lá_Àkúrẹ́

Àdùkẹ́ ẹ kú iṣẹ́. Èmi ṣe tèmi lọ́dún tó kọjá. Kó o tó ṣe ohunkóhun mìíràn, ṣé o ti gba ìwé ìyọ̀ọ̀da lọ́wọ́ ọ̀gá ilé ìwé àti lọ́wọ́ òbí? Méjèèjì o, kí òbí tẹ̀ka tàbí kó sàìn, kí wọ́n ka ohun tó wà níbẹ̀ sí i létí ní Yorùbá kó yé e pé o máa gba ohùn ọmọ sílẹ̀. Má kọ orúkọ ọmọ, má kọ orúkọ ilé ìwé, kódà àdúgbò tó o sọ níbí yìí má jẹ́ kó wọ inú ìwé ẹ, nítorí ọmọ ọdún mẹ́wàá tí ìyá ẹ̀ ń ta ata nídìí ibi báyìí, àwọn ará àdúgbò á mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Fún un lórúkọ mìíràn. Ìyẹn ni wọ́n kọ́kọ́ wò nínú tèmi.

Alhaji_Dígí

Ojú ni. Ẹ̀gbọ́n mi lọ́kùnrin bẹ́ẹ̀ náà ló rí nígbà tá a wà léwe, wọ́n ní olódo ni, àṣé kò rí pátákó ni. Wọ́n ra dígí fún un, láàárín tẹ́ẹ̀mù kan ó ti ń kàwé. Ẹ mú ọmọ yẹn lọ ra dígí kẹ́ ẹ yéé da ara yín láàmú. Ọmọ tó ń rí b bíi d, kí ló tún kù?

Màmá_Ìwé

Ẹ kú àárọ̀ ẹ̀yin ọmọ mi. Iṣẹ́ yìí ni mo fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún jẹun, yàrá àwọn ọmọ tí kíkà ń ni lára ni mo wà títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀.

Alhaji, ẹ ò ṣìnà pátápátá. Ojú àti etí ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò kó tó di pé a sọ ohunkóhun mìíràn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ b àti d yẹn kì í ṣe ti ojú. Ọmọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé, púpọ̀ nínú wọn ló ń yí lẹ́tà padà títí wọ́n á fi tó ọdún méje mẹ́jọ. Ife omi, kọ ojú ẹ̀ sí ọ̀tún, kọ ọ́ sí òsì, ife náà ni, lẹ́tà nìkan ni nǹkan tí orúkọ ẹ̀ ń yí padà tó o bá yí i, ọmọ ní láti kọ́ ìyẹn ni. Tí ọmọ ọdún mẹ́wàá bá ṣì ń ṣe é, kọ ọ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun nìkan kò lè gbé orúkọ àìsàn ró. Àdùkẹ́, yọ dísílẹ́síà yẹn kúrò. Ìwọ kọ́ lo máa sọ ọ́, akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹ́, àwọn tó ní ìmọ̀ àti àṣẹ láti ṣe àyẹ̀wò ẹ̀ ló lè sọ ọ́. Tìẹ ni kó o fi hàn ibi tí kíkà ti ń já mọ́ ọmọ yìí lọ́wọ́.

Fún ojú, lo àtẹ tí wọ́n fi E ya káàkiri, èyí tí ọmọ á kàn fi ọwọ́ júwe ibi tí ẹsẹ̀ E kọjú sí, mítà mẹ́fà ni kó dúró sí. Má lo àtẹ tó kún fún oríṣiríṣi lẹ́tà, torí ọmọ tí kò mọ lẹ́tà máa fèèlì ẹ̀ tí ojú ẹ̀ á sì mọ́ gaara. Fún etí, dúró sẹ́yìn ẹ̀ kó má rí ẹnu ẹ, sọ ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ kó máa tún un sọ, etí kan lẹ́yìn ìkejì. Ìyẹn kò rọ́pò tọ́sípítù o, ó kàn máa sọ fún ẹ bóyá kó o rọ ìyá ẹ̀ láti gbé e lọ ni.

Lẹ́yìn náà wá gbọ́ ọ kó kàwé. Ohun tí súpáfáísọ̀ ń bèèrè nìyẹn.

Wá ìtàn kúkurú ní Yorùbá tí kò tíì rí rí, nǹkan bí ọgọ́rin ọ̀rọ̀, ìwọ̀n ìwé pírámárì tú tàbí tírì. Ṣe ẹ̀dà méjì, ọ̀kan tòun ọ̀kan tìẹ. Jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, má jókòó kọjú sí i bíi ọlọ́pàá, tan fóònù kó máa gba ohùn, kó o wá jẹ́ kó kà. Ọ̀rọ̀ tó kà dáadáa, fi máàkì gúùdù sí i lórí. Èyí tó kà sí nǹkan mìíràn, kọ nǹkan tó pè yẹn GAN-AN sí orí ọ̀rọ̀ náà, bó ṣe jáde lẹ́nu ẹ̀, má tún un ṣe. Èyí tó fò, fa ilà kékeré. Èyí tó dúró pẹ́ tó o fi ní láti bá a pè, kọ T sí i. Tó bá ṣì í tó fúnra ẹ̀ padà tún un pè, ìyẹn kì í ṣe àṣìṣe, ṣùgbọ́n sàmì sí i torí nǹkan ńlá ló jẹ́, ó ń fi hàn pé ọmọ ń gbọ́ ara ẹ̀. Tó bá tún ọ̀rọ̀ kan náà kà lẹ́ẹ̀mejì, kò sí àṣìṣe ńbẹ̀. Marie Clay ará Niu Sílándì ló tò ó báyìí, gbogbo ayé ló sì ń lò ó, pépà àti bírò nìkan ló ń gbà.

Ṣe ìyẹn kó o padà wá sọ ohun tó o rí. Nǹkan tó ṣì pè ni mo fẹ́ rí o, kì í ṣe iye ẹ̀ nìkan.

Ìyá_Tòmíwá_Pẹ́kámù

Ẹ jọ̀ọ́ mà ẹ má bínú, mo rí i pé ẹ mọ̀ nípa ẹ̀. Ọmọ tèmi náà rèé níbí ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ ọdún mẹ́fà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kíláàsì kejì. Ìdánwò ìró lẹ́tà tí wọ́n ń ṣe fún wọn ní kíláàsì kìíní, ogójì ọ̀rọ̀ yẹn, kò yege. Mọ̀lẹ́bí kan wá ní Yorùbá tá à ń sọ sí i nílé ló ń dà á lórí rú, pé ká dá a dúró. Ọkọ mi ti ń gbà. Ṣé òótọ́ ni?

Màmá_Ìwé

Ìyá Tòmíwá, rárá o, ẹ má dá a dúró. Èdè méjì kì í fa ìṣòro kíkà. Ọmọ tó bá fẹ́ ní in, ì bá ní in pẹ̀lú èdè kan ṣoṣo náà. Ẹ lọ bèèrè nǹkan kan lọ́wọ́ tíṣà ẹ̀: nínú ogójì yẹn, ogún ni ọ̀rọ̀ gidi, ogún tó kù jẹ́ ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ tí wọ́n kàn hun. Èwo ló ṣì jù? Tó bá jẹ́ àwọn tí kò nítumọ̀ ló ń sọ di ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀, á jẹ́ pé ó ń fojú wo bátànì ọ̀rọ̀ ni, kò tíì máa so ìró pọ̀, ìyẹn sì ṣe é kọ́. Wọ́n á tún un ṣe fún un ní kíláàsì kejì yìí náà, ẹ béèrè ìrànlọ́wọ́ tí wọ́n fẹ́ fún un kó tó di ìgbà yẹn.

Àdùkẹ́, ìwọ náà gbọ́ èyí, o máa nílò ẹ̀.

Àdùkẹ́_Tíṣà

Màmá mo ti padà dé o. Ojú ẹ̀ mọ́, gbogbo E ló júwe. Etí ọ̀tún gbọ́, ti òsì ó ní kí n tún un sọ ṣáá. Mo bi ìyá ẹ̀, ó ní láti kékeré ni etí ti máa ń ṣọyún tí ọyẹ́ bá ti dé, pé òróró àdí làwọn máa ń kán sí i.

Ìtàn pírámárì tírì tí mo lò jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rìnlélọ́gọ́rin (84). Ìṣẹ́jú mẹ́ta ló fi kà á. Ó ṣi 21, ó kà 63 dáadáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló tún ara ẹ̀ ṣe. Ẹ wo díẹ̀ nínú bó ṣe pè é:

Ìwé ní "Bísí gbá gbàgede", ó ní "Bísí gá... gàgá"
Ìwé ní "ìgbálẹ̀", ó ní "ìgà... ìgà... ilé"
Ìwé ní "ẹ̀pà", ó ní "ẹja"
Ìwé ní "ilẹ̀kùn", ó ní "ilé"
Ìwé ní "ó gbọ́n", ó ní "ó gọ́"
Ìwé ní "pẹpẹ", ó wò ó títí, ó wo ojú mi, mo bá a pè é
Ìwé ní "bàbá", "omi", "ọmọ", "ilé", "bàtà": gbogbo ìyẹn ó kà á geerege

Nígbà tó parí mo bi í ní ìbéèrè márùn-ún nípa ìtàn náà, ẹyọ kan ló gbà.

Màmá_Ìwé

Áà! Àdùkẹ́, o ti ní kéèsì sítọ́dì báyìí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ pa pọ̀. 63 nínú 84, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún nìyẹn. Bí wọ́n ṣe máa ń wò ó, tó bá tó 95 sókè, ìwé yẹn rọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó lè dá a kà. Láti 90 sí 94, ìwé tó yẹ kí tíṣà fi kọ́ ọ nìyẹn. Tó bá ti wálẹ̀ ju 90 lọ, ó ti le jù fún un, kò lè rí nǹkan kan kọ́ níbẹ̀. Ọmọ yìí wà ní 75 lórí ìwé pírámárì tírì, nígbà tó sì jẹ́ pé fọ́ọ̀ ló wà. Kó o tún fún un ní ìtàn pírámárì tú, tó bá ṣì le, ti wáànù, títí o fi máa bá ibi tó ti rọrùn. Ibẹ̀ lo ti máa bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́.

Ọ̀rọ̀ 63 ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, mọ́kànlélógún ní ìṣẹ́jú kan. Ó lọ́ra débi pé tó bá fi máa dé ìparí gbólóhùn ó ti gbàgbé ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ìyẹn lè jẹ́ ìdí tó fi gba ẹyọ kan nínú ìbéèrè márùn-ún. A ní "lè jẹ́" o. Báwo la ṣe máa mọ̀? Mú ìtàn mìíràn tó le tó èyí tó kà, ìwọ fúnra ẹ ni kó o kà á sí i létí, ní ẹ̀gbẹ́ etí ọ̀tún, kó o wá bi í ní ìbéèrè márùn-ún. Tó bá gba mẹ́rin tàbí márùn-ún, èdè yé e, ọpọlọ ẹ̀ pé, ìtúmọ̀ kò ṣòro fún un, pípe ọ̀rọ̀ látinú ìwé nìkan ni wàhálà. Tó bá ṣì gba ẹyọ kan, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Gough àti Tunmer kọ ọ́ ní 1986 pé kíkà jẹ́ ìsọdipúpọ̀ nǹkan méjì, pípe ọ̀rọ̀ àti gbígbọ́ èdè, tí ọ̀kan bá jẹ́ òdo, òdo ni gbogbo ẹ̀. Àyẹ̀wò kíkà sí ọmọ létí yìí kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, àwọn tó ń kọ kéèsì sítọ́dì kì í sì í ṣe é, n ò mọ ìdí.

Wá wo àwọn àṣìṣe ẹ. Má kà wọ́n ní iye nìkan, kó wọn jọ. Mélòó ló ní gb nínú? Mélòó ló ní p? Mélòó ni ọ̀rọ̀ gígùn tó mú ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ tó wá méfò ìyókù?

Tíṣà_Pírámárì

Ẹ má bínú o màmá, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mo fẹ́ sọ nǹkan kan. Èmi ni tíṣà kíláàsì, irú ọmọ yìí pọ̀ nínú kíláàsì mi. Ọmọ ọgọ́ta ló wà níwájú mi, ìwé Yorùbá mọ́kànlá. Tí ẹ bá kọ kéèsì sítọ́dì tẹ́ ẹ wá sọ pé inú ọmọ ni ìṣòro wà, ẹ ò ṣe òótọ́. Ṣé Àdùkẹ́ ti wo rẹ́jísítà? Ṣé ọmọ yẹn wá sílé ìwé ní pírámárì wáànù?

Ìkejì, kí ló dé tó fi jẹ́ Yorùbá lẹ fi ń dán an wò? Ìdánwò tó máa fèèlì, Òyìnbó ni.

Àdùkẹ́_Tíṣà

Ẹ ṣé sà, mo lọ wò ó lánàá. Ó ti lo ilé ìwé mẹ́ta. Ní pírámárì wáànù, ọjọ́ tí kò wá pọ̀ ju ọjọ́ tó wá lọ ní tẹ́ẹ̀mù kejì, ìyá ẹ̀ ní àìlera ni, wọ́n sì kó kúrò ní abúlé lọ́dún yẹn. Rẹ́jísítà pírámárì tú kò sí, ilé ìwé tó ti wá kò kó ìwé lé e lọ́wọ́.

Màmá_Ìwé

Tíṣà, òótọ́ lẹ sọ, mo dúpẹ́ pé ẹ sọ ọ́. Rẹ́jísítà yẹn gbọ́dọ̀ wọ inú ìwé náà. Ọmọ tí kò sí ní kíláàsì nígbà tí wọ́n ń kọ́ ìró lẹ́tà, tí etí ẹ̀ òsì tún ń ṣọyún lásìkò kan náà, a ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé inú ọpọlọ ni ìṣòro ẹ̀ ti wá. Ìdí mìíràn tí mo fi ní kó yọ dísílẹ́síà nìyẹn.

Ní ti èdè, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Yorùbá lọmọ yẹn ń sọ látàárọ̀ dalẹ́. Bá a bá fi Òyìnbó dán an wò tó fèèlì, a ò ní mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ náà ni kò lè pè àbí kò mọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Yorùbá yọ ìyẹn kúrò. Àti pé lẹ́tà Yorùbá kì í purọ́, b jẹ́ b níbi gbogbo, ọmọ tó bá mọ ìró lẹ́tà ẹ̀ lè pe ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Nítorí náà tí kò bá lè pè é ní Yorùbá, a mọ ibi tó wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa àtàwọn èèyàn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan ní Ifẹ̀ ní 1970, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ láti pírámárì wáànù dé síìsì, Òyìnbó jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì lásán. Àwọn ọmọ yẹn ṣe dáadáa, kódà nínú Òyìnbó náà. Mi ò ní kó má dán Òyìnbó wò o, kó ṣe é lẹ́yìn.

Tíṣà_Pírámárì

Mo gbọ́ mà. Mo ṣì rò pé kó kọ ọ́ kedere pé Yorùbá ló fi ṣe é, kí ẹni tó kà á má lọ rò pé ọmọ náà máa tó èyí ní Òyìnbó. Kò ní tó o.

Bọ́dá_Kọ́lá_Àkúrẹ́

Àdùkẹ́, má gbàgbé ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ tí màmá sọ fún Ìyá Tòmíwá. Èmi hun mẹ́wàá fún ọmọ tèmi ní Yorùbá, bíi bẹ́fù, dúfẹ̀, gbísò. Mo sọ fún un pé orúkọ ẹranko ní ìlú tí kò sí ni, inú ẹ̀ dùn ó sì kà á. Rí i dájú pé kò sí èyí tó nítumọ̀ níbì kan ní Yorùbá ìlú tiẹ̀ o, mo ní kí ẹlòmíì bá mi wò ó.

Àdùkẹ́_Tíṣà

Mo ti ṣe gbogbo ẹ̀. Nígbà tí mo ka ìtàn Bísí mìíràn sí i létí, ó gba ìbéèrè márùn-ún, gbogbo ẹ̀, kódà ó fi kún ìtàn náà pé ká ní òun ni Bísí òun ò ní gbàgbé ìgbálẹ̀ sójú ọ̀nà! Ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀, mẹ́ta nínú mẹ́wàá ló gbà, kò sì sí ìkankan tó ní gb nínú wọn. Gbísò di "gìsò". Nínú àṣìṣe 21 àkọ́kọ́, méjìlá ló ní gb tàbí p tàbí n tó ń tẹ̀lé fáwẹ̀lì, mẹ́fà jẹ́ ọ̀rọ̀ gígùn tó méfò, mẹ́ta tó kù n ò rí orí ẹ̀.

Mo tún ní kó pàtẹ́wọ́ sí sílébù ọ̀rọ̀, ó ṣe é dáadáa. Àmọ́ nígbà tí mo ní kó sọ "fọ́" kó yọ ìró tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ kúrò, ó ní kò yé òun, lẹ́yìn àlàyé ó ní "fọ́" náà ni.

Màmá_Ìwé

O ṣeun ọmọ mi. Gbogbo ẹ̀ ń tọ́ka síbì kan. Ó gbọ́ èdè, ó lè pín ọ̀rọ̀ sí sílébù, kò lè pín sílébù sí ìró. Ó mọ ọ̀rọ̀ tó ti rí lọ́pọ̀ ìgbà bíi omi àti bàbá lójú, èyí tuntun ló ń kọlù ú. Gb ni ó sì ń kà sí g torí pé lẹ́tà méjì lójú ẹ̀ ni, kò mọ̀ pé ìró kan ṣoṣo ni wọ́n. Kọ ọ́ báyẹn, gbólóhùn mẹ́ta mẹ́rin, kó o fi àpẹẹrẹ tó o tẹ̀ síbí yìí ṣe ẹ̀rí. Ìyẹn ju ojú ìwé mẹ́wàá ìtàn ìdílé lọ.

Wá fún un ní ẹ̀kọ́ kékeré kó o rí bó ṣe máa gbà á, ìdajì wákàtí ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún mẹ́fà. Kó o tó bẹ̀rẹ̀, dán ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ wò nígbà mẹ́ta lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀ẹ̀kan kò tó, torí ọmọ lè jí lọ́jọ́ kan kó má fẹ́ ṣe nǹkan kan. Tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sún mọ́ra, ibi tó wà nìyẹn.

Bí mo ṣe máa ń kọ́ gb rèé. Wá ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́rin, fa àpótí méjì sórí pépà. Sọ "gbá" kó máa gbọ́ ọ. Kó ti ìdérí kan sínú àpótí kìíní nígbà tó bá pe "gb", kó ti ìkejì sí àpótí kejì nígbà tó bá pe "á". Tó bá fẹ́ ti ìdérí méjì fún gb, o ti rí i pẹ̀lú ojú ẹ. Ní kó fọwọ́ kan ètè ẹ̀, gb máa ń pa ètè pọ̀, g kì í pa á pọ̀. Nígbà tó bá dá a mọ̀ lẹ́nu, ni kó o tó wá kọ gb sórí ìdérí kan ṣoṣo, lẹ́tà méjèèjì lórí ìdérí kan. Lẹ́yìn ẹ̀ p, torí p Yorùbá náà máa ń dá wọn lójú rú, pàápàá àwọn tó ti kọ́ p Òyìnbó. Lẹ́yìn náà an, in, ọn, un. Kó wá fi wọ́n kàwé tó rọrùn níparí gbogbo ìjókòó, ìdérí nìkan kò lè sọ ọ́ di òǹkàwé.

Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, hun ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tuntun, má lo èyí tó ti mọ̀ lórí. Fa gíráàfù ẹ̀. Tó bá ń gòkè kíákíá, a lè sọ pé ẹ̀kọ́ tó pàdánù ló pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀. Tó bá ń rá pálá pẹ̀lú gbogbo ẹ̀kọ́ yìí, ìdí tó fi yẹ ká rán an lọ fún àyẹ̀wò tó jinlẹ̀ nìyẹn, kó o sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Etí òsì yẹn kò gbọdọ̀ dúró de gíráàfù o. Bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀ lónìí, kó dá àdí yẹn dúró, kó gbé e lọ sí ọ́sípítù ìjọba, wọ́n lè rán an lọ sí ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun ní UCH Ìbàdàn. Tí èsì kò bá dé kó o tó fi ìwé sílẹ̀, kọ ọ́ pé kò tíì dé.

Alhaji_Dígí

Màmá ẹ kú ìmọ̀. Nítorí náà dígí kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi, ti òun ojú ni o.

Màmá_Ìwé

Alhaji, ti òun lè jẹ́ ojú lóòótọ́. Ìdí tá a fi ní kí wọ́n yẹ ojú wò lákọ̀ọ́kọ́ náà nìyẹn.

Àdùkẹ́_Tíṣà

Ìyá ẹ̀ ti gbà, ọjọ́ Ọjọ́bọ̀ ló máa gbé e lọ. Ìbéèrè kan ló kù. Nígbà tó kà "ọkọ̀" ó pè é ní "ọkọ". Ìwé ní àmì ohùn lórí o. Ṣé àṣìṣe ni kí n kà á sí? Ó ṣe é ní ibi mẹ́rin, mi ò kà á mọ́ 21 yẹn.

Tíṣà_Pírámárì

Àṣìṣe ni. Ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ. Ìtumọ̀ yí padà.

Bọ́dá_Kọ́lá_Àkúrẹ́

Èmi ò kà á. Nínú ọ̀pọ̀ ìwé tí wọ́n ń kà nílé ìwé, àmì ohùn kì í pé, ta ló kọ́ ọ kó máa wò ó?

Màmá_Ìwé

Àwọn tó wà nídìí iṣẹ́ yìí gan-an kò fohùn ṣọ̀kan lórí ẹ̀. Èmi máa ń kà á lọ́tọ̀. Bí gbólóhùn bá ní "wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí Ìsẹ́yìn", tó wá pè é ní ọkọ, tó sì ń bá a lọ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀, á jẹ́ pé kò gbọ́ ohun tó ń kà ní àkókò yẹn, ó ń pe ọ̀rọ̀ lásán ni. Tó bá dúró tó padà sí i, ó ń gbọ́. Iye méjì lo máa kọ: 21 láìka ohùn, 25 tó o bá ka ohùn, kó o sọ òfin tó o lò sí ìbẹ̀rẹ̀ kí súpáfáísọ̀ má bàa máa wá a kiri. Òfin kan náà ni kó o lò nígbà tó o bá dán an wò lẹ́yìn ẹ̀kọ́, tó o bá yí i láàárín, gíráàfù ẹ kò wúlò mọ́.

Àdùkẹ́_Tíṣà

63 nínú 84 láìka ohùn, 59 tí mo bá ka ohùn, ìyẹn ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Mo ti kọ méjèèjì. Ìdérí ìgò wà nílẹ̀, ìyá oníkóòkì ìsàlẹ̀ wa fún mi ní àpò kan. Ọjọ́ Ajé ni mo máa ṣe ọ̀rọ̀ tí kò nítumọ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì.

Ìyá_Tòmíwá_Pẹ́kámù

Màmá, mo bi tíṣà ẹ̀. Nínú ogún tí kò nítumọ̀, mẹ́rìnlá ló sọ di ọ̀rọ̀ gidi. Ọkọ mi ní kí n bi yín: ṣé ìdérí ìgò yẹn ṣe é lò fún Òyìnbó náà?

Màmá_Ìwé

Ó ṣe é lò mà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tó ní ìró mẹ́ta, ìdérí mẹ́ta, àpótí mẹ́ta. Àwọn ìró tí wọ́n fi lẹ́tà méjì kọ ní Òyìnbó, ìdérí kan ṣoṣo ni kó gbà, bíi gb wa.